Nígbà Tí Owó Ọkọ̀ Bá Lé, Tí Dírẹ́bà Sì Tún Bú Wa

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí à ń fi fóònù pè ni mo gbé wá lónìí. Bí owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa bá ju iye tí fóònù kọ́kọ́ fi hàn wá lọ, tí dírẹ́bà sì tún bú wa, kí ni a lè ṣe? Ta ni a ó fi sùn? Báwo ni a ó ṣe kọ ẹ̀sùn náà tí wọn kò fi ní jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Láti nǹkan bí ọdún 2014 ni irú ọkọ̀ yìí ti dé ìlú Èkó. Kó tó dé, ẹ̀bá ọ̀nà ni a máa ń dúró sí tí a ó máa bá onítakisí ná owó. Bó bá rí i pé àlejò ni ọ́, owó á lé. Bó bá rí i pé òjò ń bọ̀, owó á tún lé. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn ọkọ̀ orí fóònù ni pé iye owó máa ń hàn kí a tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀ bí iye náà bá yí padà lẹ́yìn tó ti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ obìnrin aláṣọ kan tó ń tajà ní Yábà, ká fi tọ ọ̀rọ̀ náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù. Ìrìn náà gan-an ni mo fẹ́ ká wò.

Obìnrin yìí pe ọkọ̀ láti Ògbà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọjà Tẹ́júoṣó ló ń lọ. Fóònù sọ fún un pé ₦6,200 ni. Ó ní àṣà kan tó dára: kó tó wọ ọkọ̀, ó máa ń ya àwòrán ojú fóònù náà, níbi tí orúkọ dírẹ́bà, nọ́ńbà mọ́tò àti iye owó wà, á sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Nítorí ààbò ara rẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Kò mọ̀ pé àwòrán yẹn ni yóò gba òun sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n gbéra. Ooru mú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan éésì.” Dírẹ́bà ní tó bá fẹ́ éésì, kó fi ₦1,000 lé owó ọkọ̀, pé epo ti wọ́n. Obìnrin náà ní irú mọ́tò tí òun yàn lórí fóònù ní éésì nínú, àti pé owó rẹ̀ ti wà nínú iye tí òun rí. Bí dírẹ́bà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bú u nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé Maryland, ó páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ní, “Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò mi, ẹ̀yin tí ẹ ò lówó, ẹ máa ń fẹ́ gbé ayé olówó.” Obìnrin náà kò dáhùn. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sọ ibi tí wọ́n wà fún un. Nígbà tó ṣe, dírẹ́bà tún ṣíná mọ́tò, wọ́n ń lọ.

Aago 8:25 ni wọ́n dé Yábà. Káàdì báńkì ni obìnrin yìí fi ń sanwó, ó ti so ó mọ́ áàpù náà. Dírẹ́bà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, kó máa lọ, òun á parí ìrìn náà lórí fóònù tòun. Obìnrin náà wọ ọjà lọ. Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti ta ọjà àkọ́kọ́, kí alẹ́ẹ̀tì báńkì tó wọlé. ₦9,150 ni wọ́n yọ.

Ẹ gbọ́ o. ₦6,200 ni wọ́n sọ, ₦9,150 ni wọ́n gbà. ₦2,950 ló wà láàárín méjèèjì.

Inú bí i, ó sì kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀. Ó ní olè ni wọ́n, dírẹ́bà wọn kò ní ẹ̀kọ́ ilé, kí wọ́n dá gbogbo owó òun padà, kí wọ́n lé ọkùnrin náà dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ìrìn náà wò, pé ojú ọ̀nà àti àkókò ló mú kí owó yí padà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó parí.

Kí ló dé tí wọ́n fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀? Ṣé irọ́ ló pa ni? Rárá. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹjọ́ méjì ló dì sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ẹjọ́ owó wà níbẹ̀, ẹjọ́ ìwà sì wà níbẹ̀. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, wọn kì í sì í yẹ̀ wọ́n wò bákan náà. Ẹjọ́ owó, ìṣirò ni. Àkọsílẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà tó lè fi hàn bóyá o jàre tàbí o jẹ̀bi. Ẹjọ́ ìwà, ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn méjì ni, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ṣírò èébú. Bí a bá kọ méjèèjì pọ̀, tí ìbínú sì wà lórí wọn, ẹni tó ń kà á kò ní mọ èyí tí yóò mú. Ohun tó rọrùn jù fún un ni pé kó fi èsì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà. Ẹ jẹ́ ká fi ti owó ṣáájú.

Báwo ni owó ọkọ̀ yìí ṣe ń di iye tó ń dà? Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀ wà, tí èèyàn á san bó ti wù kí ọ̀nà kúrú tó. Owó kìlómítà wà, ìyẹn bí ọ̀nà ṣe jìn sí. Owó ìṣẹ́jú náà wà, ìyẹn bí ẹ ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Nígbà tí o bá kọ ibi tí ò ń lọ, ẹ̀rọ á fojú bu kìlómítà àti ìṣẹ́jú, á sì sọ iye kan. Bí ìrìn tí ẹ rìn bá sún mọ́ ohun tó fojú bù, iye yẹn náà ni o máa san. Bó bá yàtọ̀ gan-an, ẹ̀rọ á tún un ṣírò. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń tún un ṣírò yìí ni ìwà ìbàjẹ́ ti máa ń wọlé.

Ẹ má gbàgbé o, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí owó bá lé ni ẹnìkan rẹ́ wa jẹ. Bí o bá ní kí dírẹ́bà yà kí o gbé ọmọ níbì kan, owó á lé. Bí o bá jẹ́ kó dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ju ìṣẹ́jú tí wọ́n fàyè gbà lọ, owó á lé. Bí ẹ bá gba afárá tí wọ́n ti ń gba owó ibodè, bí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, wọ́n lè fi lé e. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ti fi ₦20 lé ìrìn kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2020, fún àtúnṣe ọ̀nà. Bí òjò bá rọ̀ tàbí àwọn tó ń pe ọkọ̀ bá pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, iye náà á ti ga kí o tó wọlé, bí o bá sì ti tẹ̀ ẹ́ pé o gbà, o ti gbà nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, báńkì á kọ́kọ́ di owó kan mú, á tún yọ owó gidi, á wá dà bíi pé wọ́n yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n dì mú yẹn sábà máa ń padà fúnra rẹ̀. Kí o tó fẹjọ́ sùn, bi ara rẹ bóyá ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ló ṣẹlẹ̀. Bí kò bá sí, ẹjọ́ rẹ ti dúró lórí ẹsẹ̀ nìyẹn.

Ti obìnrin aláṣọ yìí ńkọ́? Kò yà síbì kankan. Kò jẹ́ kí dírẹ́bà dúró dè é. Ọ̀nà Ògbà sí Yábà kò ní owó ibodè. Kí ló wá gbé owó náà ga?

Ìdáhùn wà lórí rìsíìtì. Ọ̀pọ̀ wa kì í ṣí rìsíìtì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù tàbí sínú ímeèlì. A máa ń wo iye owó nìkan, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ ṣí i. Ẹ máa rí máàpù kékeré kan tí ìlà wà lórí rẹ̀, láti ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ẹ máa rí aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, àti iye kìlómítà.

Nígbà tí àbúrò obìnrin náà bá a ṣí rìsíìtì tirẹ̀, ọ̀rọ̀ fojú hàn. Ìlà náà ti Ògbà wá, ó gba Maryland, ó dé Yábà. Àmọ́ kò dúró ní Yábà. Ó kọjá lọ sí Ojúẹlẹ́gba, ó gba Ìtìrẹ́, ó lọ parí sí Ìṣọlọ̀. Aago 9:06 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ìrìn parí. Kìlómítà méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ògbà sí Yábà kò tó ogún. Dírẹ́bà kò parí ìrìn náà nígbà tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ń wa mọ́tò lọ síbi tirẹ̀, owó sì ń gùn lórí káàdì ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, ẹ̀tàn ni.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn mìíràn máa ń tẹ̀ ẹ́ pé ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ rárá. Àwọn mìíràn máa ń yí po lójú ọ̀nà. Ní ọdún 2018, ìròyìn jáde pé àwọn dírẹ́bà kan l'Ékòó ń lo áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Lockito. Àwọn tó ń ṣe áàpù ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè fi dán iṣẹ́ wọn wò, torí ó lè mú kí fóònù rò pé òun ń rìn níbi tí kò dé. Àwọn dírẹ́bà wọ̀nyẹn wá ń fi fa ọ̀nà gùn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọgbọ́n náà jẹ́, ojú kan náà ni a ti máa ń rí i: ìlà máàpù, aago àti kìlómítà kò ní bá ìrìn tí ìwọ rìn mu. Mo tún un sọ: ìlà, aago, kìlómítà. Níbẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ó yá, báwo ni obìnrin aláṣọ náà ṣe wá tún ìwé ẹ̀sùn owó náà kọ? Ó ṣí ìrìn náà gan-an nínú áàpù, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ Help sí lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀sùn náà lè so mọ́ ìrìn yẹn fúnra rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìso ó mọ́ ìrìn kankan, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í pé èwo ló ń sọ. Ohun tó kọ nìyí, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín:

“Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀sùn nípa owó ni èyí. Mo wọ ọkọ̀ láti Ògbà lọ sí ọjà Tẹ́júoṣó, Yábà. ₦6,200 ni ẹ fi hàn mí, ₦9,150 ni ẹ yọ. Mi ò yí ibi tí mò ń lọ padà, mi ò sì ní kí dírẹ́bà yà síbì kankan. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Yábà ní aago 8:25. Rìsíìtì yín sọ pé ìrìn náà parí ní Ìṣọlọ̀ ní aago 9:06. Èmi ò sí nínú ọkọ̀ láti Yábà dé Ìṣọlọ̀. Ní aago 8:41, mo gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lórí POS nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Yábà. Mo fẹ́ kí ẹ dá ₦2,950 padà sórí káàdì tí ẹ ti yọ ọ́. Àwòrán iye tí mo kọ́kọ́ rí, rìsíìtì yín, àti ìwé POS ni mo so mọ́ ọn.”

Ó tán. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Kò ní kí wọ́n dá gbogbo ₦9,150 padà. Wọ́n gbé e dé Yábà, owó ìyẹn tọ́ sí wọn. Ohun tó lé nìkan ló béèrè, ó sì sọ iye náà gan-an, kò fi sílẹ̀ fún wọn láti máa rò. Bí o bá béèrè ju ẹ̀tọ́ rẹ lọ, o ti fún wọn ní ìdí tí wọ́n fi máa kọ̀. Ìwé POS yẹn wá ni ó wù mí jù. Ìwé pélébé tí à ń jù sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Aago wà lórí rẹ̀, ó sì fi hàn pé nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ sí Ìṣọlọ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń tajà ní Yábà. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù náà lè rí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀: fọ́tò tó yà níbi tó dé, àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi sọ fún ẹnìkan pé òun ti dé, ìwé tó buwọ́ lù lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ẹ̀sùn kejì, ó kọ ọ́ lọ́tọ̀. Báwo ni a ṣe ń kọ ẹ̀sùn ìwà? Ẹ má kọ pé “ó hu ìwàkuwà.” Ta ló mọ ohun tí ìwọ ń pè bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ohun tó ṣe, ibi tó ti ṣe é, àti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Obìnrin náà kọ ọ́ pé dírẹ́bà béèrè ₦1,000 fún éésì tó yẹ kó wà nínú owó ọkọ̀. Ó kọ ọ́ pé ó páàkì ní Maryland, ó ní kí òun bọ́ sílẹ̀. Ó kọ gbólóhùn èébú náà bó ṣe sọ ọ́. Ó fi kún un pé òun wà lórí fóònù pẹ̀lú àbúrò òun lásìkò náà, àbúrò òun sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó fẹ́: kí wọ́n bi dírẹ́bà léèrè ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, kí wọ́n má sì tún fi òun sínú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Èmi gbà pé ó ṣe dáadáa. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn dírẹ́bà yìí náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù máa ń yọ ìdá tirẹ̀ lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan, iye epo sì ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Wọ́n lè ti áàpù mọ́ dírẹ́bà lórí ẹ̀sùn kan ṣoṣo, kí oúnjẹ ilé rẹ̀ sì dúró. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iyọ̀ sí i. Àmọ́ ẹ má sì tìtorí àánú dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ epo, àárín dírẹ́bà àti ilé-iṣẹ́ ló wà. Kì í ṣe gbèsè èrò ọkọ̀.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Lórí owó, wọ́n dá ₦2,950 padà, sórí káàdì. Lórí ìwà, èsì náà kúrú. Wọ́n ní àwọn ti bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, àti pé ẹ̀rọ kò ní pa àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́. Wọn kò sọ ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe nìyẹn, wọn kì í tú àṣírí ìbáwí dírẹ́bà fún èrò. Ẹ má jẹ́ kíyẹn mú yín ro pé ẹ̀sùn náà ṣòfò. Ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá sì tún mú irú ẹ̀ wá, kò ní jẹ́ ẹ̀ẹ̀kínní mọ́.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Kọ́kọ́ fèsì sórí ẹ̀sùn kan náà, má ṣí tuntun, kí ìtàn náà lè wà lójú kan. Tọ́ka sí ìlà máàpù lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì béèrè pé kí èèyàn gidi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ṣì rí bákan náà, gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Àjọ FCCPC ló wà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà ní gbogbo Nàìjíríà. Abala 115 nínú òfin tó gbé wọn kalẹ̀, òfin ọdún 2018, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú kí oníbàárà san ju iye tí wọ́n fi hàn án lọ. Ilé-iṣẹ́ lè jiyàn pé ìfojúbù ni iye orí fóònù, nítorí náà ni máàpù fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà tún ka híhalẹ̀ mọ́ oníbàárà léèwọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tún ní àjọ LASCOPA, tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ fún irú ẹjọ́ yìí. Àwọn àjọ wọ̀nyí á kọ́kọ́ béèrè bóyá o ti fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà. Torí náà, ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ kọ àti èsì tí wọ́n fún yín.

Ó ku ohun kan, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í fi káàdì sanwó. Bí ó bá jẹ́ owó ọwọ́ ni o san, tàbí o fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì dírẹ́bà, ilé-iṣẹ́ kò rí iye tí o fún un. Iye tí áàpù kọ nìkan ni wọ́n rí. Bó bá ní kí o san ₦8,000 tí áàpù sì kọ ₦6,200, ọ̀rọ̀ rẹ nìkan ló kù bí o bá ka owó náà sí i lọ́wọ́. Kí o tó sanwó, ní kó parí ìrìn náà lójú rẹ. Wo iye tó hàn lórí fóònù tìrẹ, kì í ṣe ti orí fóònù tirẹ̀, torí ó lè ṣí ti ìrìn ẹlòmíràn fún ọ. Bó bá sì fẹ́ fi agbára gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ àti iye náà lè wà nínú ìwé báńkì rẹ. Bí ilé-iṣẹ́ bá gbà pé o jàre, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi owó náà sínú áàpù fún ìrìn mìíràn, dípò kó wọ inú báńkì. Bí o kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ nínú ẹ̀sùn rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.